Èsì àdàkọ láti báńkì: bí a ṣe ń kọ lẹ́tà tí wọn ò ní lè fi ọ̀rọ̀ àkọ́sórí dáhùn

Ní ọ̀sán Àbámẹ́ta kan nínú oṣù kẹta, màmá kan tó ń ta ẹ̀lùbọ́ ní Tákíè wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Ọ́ńdà-Jíì, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Ó gbé fóònù rẹ̀ ka orí tábìlì, ó ní, "Ọmọ mi, bá mi wo ohun táwọn èèyàn yìí ń sọ. Ó ń ṣe mí bíi pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ látọjọ́ yìí."

Ọ̀rọ̀ kan náà ni lóòótọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ọmọ ọmọ rẹ̀ ti bá a kọ ímeèlì sí báńkì, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni báńkì sì ti fèsì, èsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì bára wọn mu títí dórí àmì ìdánudúró. Bó ṣe lọ nìyí: "A tọrọ àforíjì fún ìnira yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún ẹni tí ẹ fi owó ránṣẹ́ sí kó kàn sí báńkì rẹ̀. A ti ń yẹ ọ̀rọ̀ yín wò, ẹ fún wa ní wákàtí 24 sí 48 ọjọ́ iṣẹ́. Ẹ ṣé tí ẹ yàn wá."

Fọ́tókọ́pì àti ìwé títẹ̀ ni iṣẹ́ mi. Ṣùgbọ́n nítorí pé ẹnu ọ̀nà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni mo wà, ojoojúmọ́ ni mo ń bá èèyàn kọ lẹ́tà ẹ̀sùn, pàápàá ti owó tí POS gbé mì. Ọ̀rọ̀ màmá yìí ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, torí gbogbo ibi tí ọ̀rọ̀ báyìí ti máa ń wọ́ ló wà nínú rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i kò ju báyìí lọ. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 4 oṣù kẹta, ó ra kẹ́ẹ̀gì epo pupa kan ní ₦46,500. Ó fa káàdì lórí POS ṣọ́ọ̀bù náà, POS ní DECLINED, ṣùgbọ́n alẹ́ẹ̀tì wọlé sórí fóònù rẹ̀ pé owó ti kúrò. Ọlọ́jà ní òun ò rí nǹkan kan. Ni màmá bá ka káàṣì fún un, ó gbé epo rẹ̀, ó wá lọ fẹjọ́ sun báńkì rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ yín

Ẹni tó ń dá ímeèlì lóhùn ní kọ́sítọ́mà kéà kò lè dá owó padà sínú àkáǹtì ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó ka ẹ̀sùn, kó mọ irú ẹ̀sùn tó jẹ́, kó jù ú sínú àpótí tó bá a mu, kó sì mú èsì tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ fún àpótí yẹn fi ránṣẹ́ sí yín. Ẹ̀sùn tó ń dúró dè é lọ́jọ́ kan pọ̀. Ìlà kìn-ín-ní ló máa ń kà dáadáa, ó lè fojú fo ìyókù. Tí ìlà kìn-ín-ní yín bá jọ tàná, èsì tàná ló máa tún mú.

Ìdí nìyí tí kíké mọ́ ọn kò fi ń tú nǹkan kan. Ẹ̀sùn kẹta tí ọmọ ọmọ màmá kọ ni èyí, mo kàn gé e kúrú ni: "Ẹ dá owó mi padà o!!! Owó tí mo fi san ọjà, ẹ ti gbé e jẹ. Olè ni yín. Mo ti kọ̀wé títí, ẹ ò dáhùn. Ọlọ́run ń wò yín." Èmi náà ìbá bínú, mi ò dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ẹ tún un kà pẹ̀lú ojú ẹni tó fẹ́ jù ú sínú àpótí. Kò sí ọjọ́ níbẹ̀, kò sí iye owó, kò sí POS, kò sí ìbéèrè kankan. Ohun tí èèyàn lè fi dáhùn irú rẹ̀ ò ju "a tọrọ àforíjì, ẹ fún wa ní wákàtí 48" lọ. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ líle ní ń yọ ọfà lápó. Bẹ́ẹ̀ náà ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ tí kò ní nọ́ńbà nínú kì í yọ owó lápò báńkì.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ wá ohun tí èsì àdàkọ náà tú fó

Púpọ̀ nínú wa kì í ka èsì àdàkọ. A rí "a tọrọ àforíjì", a ti bínú pa á dé. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Èsì yẹn ló máa sọ àpótí tí wọ́n jù yín sí fún yín, ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe sì sábà máa ń wà.

Ẹ tún wo ti màmá: "Ẹ sọ fún ẹni tí ẹ fi owó ránṣẹ́ sí kó kàn sí báńkì rẹ̀." Ta ni màmá fi owó ránṣẹ́ sí? Kò sí. Káàdì ló fà. Nígbà tí mo lọ wo ìlà kìn-ín-ní ẹ̀sùn àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ ní ọjọ́ 4, ohun tí mo bá níbẹ̀ ni: "Owó tí mo fi ránṣẹ́ sí ọlọ́jà kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀." Bí a ṣe ń sọ ọ́ lẹ́nu nìyẹn, kò sì sí ẹni tí kò ní gbọ́ ọ yé ní Tákíè. Ṣùgbọ́n ní báńkì, owó tí a fi ránṣẹ́ láti àkáǹtì sí àkáǹtì jẹ́ ẹ̀sùn kan, owó tí a fi káàdì san lórí POS jẹ́ ẹ̀sùn mìíràn. Ẹ̀ka tó ń bójú tó ọ̀kan kọ́ ló ń bójú tó èkejì. Ọjọ́ mọ́kànlá ni ọ̀rọ̀ màmá ti fi jókòó sínú àpótí tí kò sí ẹni tó lè yanjú rẹ̀ níbẹ̀.

Ìyàtọ̀ náà ṣe pàtàkì torí ọ̀nà tí owó gbà ń padà. Tí POS bá gbé owó mì, báńkì tó fún yín ní káàdì ló gbọ́dọ̀ béèrè owó náà lọ́wọ́ báńkì tó ni POS. Báńkì tó ni POS á wo ìwé rẹ̀. Tí ó bá rí i pé ọlọ́jà kò rí owó gbà, á dá a padà. Tí ó bá sì rí i pé owó wọlé sọ́dọ̀ ọlọ́jà, á kọ̀, á sì fi ẹ̀rí tì í. Ọlọ́jà ò ní nǹkan kan í ṣe níbẹ̀ ju kó jẹ́rìí lọ, ẹ̀yin náà kò sì ní ìdí kankan láti lọ bá báńkì tó ni POS. Ọ̀dọ̀ báńkì tiyín ni ẹjọ́ wà.

Nítorí náà, kí ẹ tó kọ nǹkan kan, ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹnu yín parí gbólóhùn yìí: "Èsì wọn ń sọ̀rọ̀ nípa báyìí, ọ̀rọ̀ tèmi sì ni báyìí." Tí ẹ bá lè parí rẹ̀, ẹ ti rí ìlà kìn-ín-ní lẹ́tà yín nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kejì: rìsíìtì

Mo bi màmá léèrè rìsíìtì POS. Ó tú kókó etí ìró rẹ̀, ó mú bébà kékeré kan jáde tó ti ń ṣá. Bébà POS kì í gba tàdáwà, ooru ló ń fi kọ̀wé, ooru náà ló sì ń pa á rẹ́. Tí ẹ bá fi sínú ọkọ̀ nínú oòrùn Ògbómọ̀ṣọ́, ó lè funfun báláú. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ gbà á.

Ohun tí ẹ ń wá lórí rẹ̀ ni RRN, nọ́ńbà méjìlá tó jẹ́ orúkọ ìsanwó yẹn gan-an láàárín àwọn báńkì. Ẹni tó bá ní RRN kò ní wá owó yín láàárín ẹgbẹ̀rún ₦46,500 mìíràn. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ wo STAN, nọ́ńbà mẹ́fà, àti TID, ìyẹn nọ́ńbà POS fúnra rẹ̀. Ẹ wo ọjọ́ àti aago pẹ̀lú, torí aago alẹ́ẹ̀tì àti aago POS lè fi ìṣẹ́jú díẹ̀ yàtọ̀.

Kóòdù kan tún máa ń wà nítòsí DECLINED. Ti màmá jẹ́ 91. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé báńkì tó ni káàdì, tàbí ojú ọ̀nà tó so àwọn báńkì pọ̀, kò dáhùn. Ìyẹn bá ohun tó ṣẹlẹ̀ mu gan-an: owó ti kúrò, ìdáhùn ni kò dé orí POS. Ká ní 51 ni, owó inú àkáǹtì kò tó nìyẹn, èmi ìbá sì kọ́kọ́ ní kí màmá lọ wo alẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dáadáa bóyá ti nǹkan mìíràn ni.

Tí rìsíìtì bá ti sọnù, ẹ padà sọ́dọ̀ ọlọ́jà kó tún un tẹ̀ jáde láti inú POS rẹ̀. Púpọ̀ nínú POS ló lè ṣe é, àgàgà tí kò bá tíì pẹ́. Tí kò bá ṣeé ṣe, alẹ́ẹ̀tì àti orúkọ ṣọ́ọ̀bù tó wà nínú rẹ̀ ni kí ẹ lò.

Nípa káàdì, nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn nìkan ni ẹ máa kọ. Ẹ má kọ gbogbo nọ́ńbà káàdì, ẹ má kọ nọ́ńbà mẹ́ta ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ má kọ PIN, ẹ má kọ nọ́ńbà tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín. Báńkì kò nílò ọ̀kankan nínú wọn láti wá owó.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ọjọ́

Èyí ò gba àkókò. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ kọ̀wé àti ọjọ́ tí wọ́n fèsì sórí bébà kan. Ti màmá: ó fẹjọ́ sùn ní ọjọ́ 4, èsì dé ní ọjọ́ 5. Ó tún kọ ní ọjọ́ 7, 11 àti 14, èsì sì dé lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan yẹn. Wákàtí 48 àkọ́kọ́ tí wọ́n dá fún ara wọn ti pé láti ọjọ́ 7.

Ẹ wá fi èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlànà tó wà nílẹ̀. Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà, tí gbogbo wa ń pè ní CBN, pàṣẹ fáwọn báńkì pé láti ọjọ́ 8 oṣù kẹfà ọdún 2020, owó tó bá há lórí POS tàbí lórí ìkànnì gbọ́dọ̀ yanjú láàárín wákàtí 72. Ọjọ́ márùn-ún ló jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ẹnu ATM ní tirẹ̀ lọ́tọ̀: tí ó bá jẹ́ ATM báńkì yín fúnra yín, kíá ni owó gbọ́dọ̀ padà, tí ẹ̀rọ ò bá sì dá a padà fúnra rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 24 lọ. Tí ó bá jẹ́ ATM báńkì mìíràn, kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 48 lọ. Ẹ mú èyí tó bá ọ̀rọ̀ yín mu nìkan. Ẹni tó bá ka ti ATM síbi ọ̀rọ̀ POS ti fún wọn láǹfààní láti dáhùn nǹkan mìíràn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: lẹ́tà náà

Èdè Òyìnbó làwọn báńkì fi ń fèsì, òun náà ni mo fi kọ èyí tí a fi ránṣẹ́. Èdè wa ni mo fi kọ ọ́ síbí kí iṣẹ́ tí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ń ṣe lè hàn. Tí ẹ bá gbé e sí Òyìnbó, ẹ má yí bí wọ́n ṣe tò padà. Mo fi X bo díẹ̀ nínú nọ́ńbà màmá.

"Ẹ kú iṣẹ́ o.

Orí POS ni owó mi ti há. Kì í ṣe owó tí mo fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, èsì tí ẹ fún mi ní ọjọ́ 5, 7, 11 àti 14 oṣù kẹta, pé kí ẹni tí mo fi owó ránṣẹ́ sí kàn sí báńkì rẹ̀, kò kan ọ̀rọ̀ mi.

Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹta, ní aago 11:20 àárọ̀, ẹ yọ ₦46,500 nínú àkáǹtì mi tí nọ́ńbà rẹ̀ parí sí 3309. Rìsíìtì POS sọ pé DECLINED, kóòdù 91. RRN rẹ̀ ni XXXXXX402716, TID ni 2XXX4417. Káàṣì ni mo padà san fún ọlọ́jà. Fọ́tò rìsíìtì àti alẹ́ẹ̀tì wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá mi lóhùn lórí ìbéèrè mẹ́ta yìí:

1. Ṣé ẹ ti béèrè owó yìí lọ́wọ́ báńkì tó ni POS?
2. Tí ẹ bá ti béèrè, ọjọ́ wo ni, kí ni wọ́n sì fi fèsì? Tí wọ́n bá kọ̀, ẹ fi ẹ̀rí tí wọ́n mú wá ránṣẹ́ sí mi.
3. Tí ẹ kò bá tíì béèrè, ọjọ́ wo ni ẹ máa béèrè?

Wákàtí 72 ni ìlànà CBN ọdún 2020 fún owó tó bá há lórí POS. Òní ló pé ọjọ́ mẹ́tàlá. Mo ń retí èsì ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, ọjọ́ 19 oṣù kẹta. Tí mi ò bá rí i, màá kọ̀wé sí ẹ̀ka tó ń dáàbò bo oníbàárà ní CBN, màá sì fi gbogbo ohun tí a ti kọ síra wa kún un.

Mo mọ̀ pé ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí kọ́ lẹ fà á. Tí kò bá sí lọ́wọ́ yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ káàdì, kí ẹ sì fún mi ní nọ́ńbà tí màá fi máa tọpa ẹ̀sùn mi.

Ẹ ṣé o."

Orúkọ màmá àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ ló tẹ̀ lé e.

Ìlà kìn-ín-ní ló ń yọ ọ̀rọ̀ kúrò nínú àpótí tí kò yẹ. Mo dárúkọ ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí wọ́n fèsì torí pé ẹni tó bá rí ọjọ́ mẹ́rin lórí ìlà kan á mọ̀ pé tí òun bá tún fi èsì yẹn ránṣẹ́, ìkarùn-ún rẹ̀ ni òun fi ń kún ẹ̀rí. Mi ò bú ẹnikẹ́ni. Mo kàn sọ pé kò kan ọ̀rọ̀ mi, tó sì jẹ́ òótọ́.

Ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ọkàn lẹ́tà náà. "Ẹ dá owó mi padà" kì í ṣe ìbéèrè, "a ń yẹ̀ ẹ́ wò" sì tó fi dá a lóhùn. "Ọjọ́ wo ni ẹ béèrè owó lọ́wọ́ báńkì tó ni POS?" yàtọ̀. Ọjọ́ kan pàtó ni ìdáhùn rẹ̀, kò sì sí èsì àdàkọ tó ní ọjọ́ tiyín nínú. Ẹni tó bá fẹ́ dáhùn gbọ́dọ̀ dìde lọ wò ó, tàbí kó gbé e fún ẹni tó lè wò ó. Ohun tí a ń wá náà nìyẹn. Mẹ́ta tó. Mo ti rí ẹni tó kọ mọ́kànlá, èyí tó rọrùn jù nínú wọn ni wọ́n dáhùn, wọ́n fi ìyókù sílẹ̀.

Ní ti gbèdéke, ẹ fi ọjọ́ àti aago sí i, kẹ́ ẹ sì sọ ohun tí ẹ máa ṣe, kó jẹ́ ohun tí ẹ lè ṣe lóòótọ́. Màmá fẹ́ kí n kọ ọ́ pé òun máa kó lọ́yà wá, òun máa gbé wọn sórí rédíò. Mo ní, "Màmá, ẹ mọ lọ́yà kankan?" Ó rẹ́rìn-ín. Ìhàlẹ̀ tí a kò lè ṣe máa ń jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé èyí tí a lè ṣe gan-an kò dá wa lójú. Ọjọ́ 19 tí mo mú kì í ṣe àmúsọ: àwọn tó fẹ́ lọ sí CBN gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún báńkì ní ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀sẹ̀ méjì láti ọjọ́ 4 sì pé ní ọjọ́ 18.

Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn, pé ẹ̀yin kọ́ lẹ fà á, èmi kò lè kọ lẹ́tà báyìí láìfi sí i. Ọmọ ẹlòmíì ló jókòó síbẹ̀. Ó sì tún ní iṣẹ́ tó ń ṣe: ó ṣí ilẹ̀kùn fún un láti gbé ọ̀rọ̀ kúrò lọ́rùn ara rẹ̀. Ẹni tí a bá bú á fẹ́ gbèjà ara rẹ̀. Ẹni tí a bá ní kó gbé ẹrù fún ọ̀gá rẹ̀, á tètè gbé e.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: bí ẹ ṣe máa fi ránṣẹ́

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ ímeèlì tuntun. Orí èsì wọn tó kẹ́yìn ni kí ẹ ti fèsì, kí ẹ má sì yí àkọlé tó wà níbẹ̀ padà, pàápàá tí nọ́ńbà ẹ̀sùn bá wà nínú rẹ̀. Tí ẹ bá ṣí ímeèlì tuntun, ẹ̀rọ wọn lè kà á sí ẹ̀sùn tuntun, ọjọ́ á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti oókan. Ọmọ ọmọ màmá ti ṣe èyí lẹ́ẹ̀kan ní ọjọ́ 14. Ìdí nìyẹn tí báńkì fi fún un ní nọ́ńbà ẹ̀sùn mìíràn bí ẹni pé wọn ò gbọ́ ọ rí. Ọ̀nà tí mo gbà tún un ṣe ni pé mo padà sórí ti ọjọ́ 11, mo sì kọ nọ́ńbà ẹ̀sùn ti ọjọ́ 14 sísàlẹ̀ pé ọ̀kan náà ni méjèèjì.

Tí wọ́n bá pè yín, ẹ gbé fóònù, ẹ gbọ́ wọn, ṣùgbọ́n lẹ́yìn rẹ̀ kí ẹ padà sórí ímeèlì náà kọ ìlà méjì: "Mo bá yín sọ̀rọ̀ ní aago mẹ́wàá àárọ̀ yìí. Ohun tí ẹ sọ ni pé ẹ máa béèrè owó náà lọ́la." Ọ̀rọ̀ ẹnu kò ní ibi tí a ti ń wá a tó bá di ọ̀la.

Ẹ má sì gbé e lọ sórí Fésíbúùkù tàbí X pẹ̀lú nọ́ńbà àkáǹtì yín. Àwọn gbájú-ẹ̀ ń ṣọ́ ibẹ̀. Kíá ni ẹnì kan tó fi àmì báńkì yín sójú àwòrán rẹ̀ á kàn sí yín, á ní kí ẹ fi nọ́ńbà tó wọlé sórí fóònù yín ránṣẹ́. Ẹni tó pàdánù ₦46,500 lè pàdánù ìyókù tó wà nínú àkáǹtì níbẹ̀.

Ohun tó dé lẹ́yìn rẹ̀

Àárọ̀ Ajé, ọjọ́ 17, la fi lẹ́tà náà ránṣẹ́. Ọjọ́ kejì, ní nǹkan bí aago kan ọ̀sán, èsì wọlé tí kò jọ ti tẹ́lẹ̀. Orúkọ èèyàn wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó ní wọ́n ti kọ́kọ́ kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó tí a fi ránṣẹ́, pé òun ti gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń bójú tó káàdì, pé ọjọ́ 18 yẹn ni wọ́n béèrè owó lọ́wọ́ báńkì tó ni POS. Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 21, ₦46,500 padà wọlé.

Ká ní èsì àdàkọ ló tún wọlé ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo máa ń fèsì sí i, ìlà mẹ́ta: "Èsì yìí kò dáhùn ọ̀kankan nínú ìbéèrè mẹ́ta tí mo béèrè ní ọjọ́ 17. Gbèdéke ṣì wà ní aago mẹ́rin ọjọ́ 19. Lẹ́yìn rẹ̀, CBN ni màá kọ̀wé sí." Mi ò tún ṣàlàyé nǹkan kan, torí ẹni tó bá ń tún àlàyé ṣe ń fún wọn ní ìlà kìn-ín-ní tuntun tí wọ́n lè mú èsì àdàkọ mìíràn fún.

Tí gbèdéke bá kọjá, ímeèlì tí ẹ máa kọ sí ni `cpd@cbn.gov.ng`. Ẹ lè gbé lẹ́tà lọ sí ẹ̀ka CBN tó bá sún mọ́ yín pẹ̀lú. Fún àwọn ará Ọ̀yọ́, Ìbàdàn nìyẹn. Fún àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin ló sún mọ́ jù. Ẹ kọ orúkọ yín, àdírẹ́sì, fóònù, orúkọ báńkì, nọ́ńbà àkáǹtì, ọjọ́, iye owó, kí ẹ fi rìsíìtì àti gbogbo ímeèlì tó ti kọjá sí i. Ẹ fi ímeèlì báńkì náà kún àwọn tí ẹ ń fi í ránṣẹ́ sí, kí àwọn náà rí i. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti kọ lẹ́tà ìgbésẹ̀ kẹrin, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ẹ kàn máa sọ pé ìbéèrè mẹ́ta yìí ni báńkì kò dáhùn.

Ibi tí lẹ́tà yìí kò lè dé wà o. Tí báńkì tó ni POS bá mú ẹ̀rí wá pé owó wọ ọwọ́ ọlọ́jà, ẹ padà sọ́dọ̀ ọlọ́jà pẹ̀lú ẹ̀rí náà. Ìdí nìyẹn tí a fi béèrè fún un nínú ìbéèrè kejì. Tí ó bá sì jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ fi owó ránṣẹ́ sí nọ́ńbà àkáǹtì tí kì í ṣe ti ẹni tí ẹ fẹ́, ẹjọ́ mìíràn nìyẹn, torí báńkì kì í kàn yọ owó nínú àkáǹtì ẹni tó ti wọ̀ láìgba àṣẹ rẹ̀ tàbí ti ilé ẹjọ́. Ìlànà wákàtí 72 yẹn kò kàn án.

Ọjọ́ Ẹtì tí owó wọlé, màmá gbé ẹ̀lùbọ́ kóńgò méjì wá fún mi. Kí ó tó lọ, mo ní ká yẹ alẹ́ẹ̀tì wò bóyá ó pé, ó sì pé. A wá jọ kọ ìlà kan sórí ímeèlì náà: "₦46,500 wọlé lónìí, ọjọ́ 21 oṣù kẹta, ó pé. Ẹ lè pa ẹ̀sùn yìí dé. Ẹ bá mi kí ẹni tó kọ èsì ọjọ́ 18."